Oògùn Ẹ̀jẹ̀, Fítámì àti Àgbo: Bí Ẹni Tó Ní Àìsàn Kíndìnrín Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Yẹ Kó Fi Sílẹ̀

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ènìyàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tó, ohun tí àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ sáré sí ni ohun tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ wá. Wọn yóò fún omi ewé ugwú, wọn yóò da mílíìkì àti mọ́ọ̀tì sí i, wọn yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi ní kẹ́místì, wọn yóò sì gba àgbo lọ́wọ́ ìyá alágbo. Ìfẹ́ ló ń darí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé fún aláìsàn náà ló ní èròjà tí kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè kó jáde mọ́. Kíndìnrín tó le máa ń sẹ́ àṣẹ́kù pọtásíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù, fọ́sífétì àti alumíníọ̀mù sínú ìtọ̀, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le lè mu àwọn nǹkan wọ̀nyí láìsí wàhálà kankan. Bí kíndìnrín kò bá lágbára mọ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni àṣẹ́kù náà yóò máa kó jọ sí.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn jùlọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́rọ, tí ó ń lọ sí kílíńìkì déédéé, tí ó sì fẹ́ mọ èyí tí òun lè máa lò nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kó wá fún òun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba ìwé èsì àyẹ̀wò yín sọ́wọ́

Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ fún yín pé oògùn kan dára tàbí kò dára fún kíndìnrín yín láìjẹ́ pé ó rí èsì lábù yín. Ẹ béèrè fún ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wá ohun mẹ́rin lórí rẹ̀. Èkíní ni eGFR, tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Bí ó bá wà láàárín 30 sí 59, ìpele kẹta ni ẹ wà. 15 sí 29 ni ìpele kẹrin. Bí ó bá sì ti wá sílẹ̀ ju 15 lọ, ìpele karùn-ún ni. Èkejì ni K, èyí tí í ṣe pọtásíọ̀mù, tí a máa ń fẹ́ kó wà láàárín 3.5 sí 5.0. Ẹ̀kẹta ni PCV, tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Ẹ̀kẹrin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní lórí ìwé wọn àyàfi bí wọ́n bá béèrè fún un, ni fẹ́rítíìnì, tó ń fi iye irin tó wà nípamọ́ nínú ara hàn.

Ohun kan wà tó yẹ kí a mọ̀ nípa K. Bí wọ́n bá so okùn mọ́ apá pẹ́ jù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, bí aláìsàn bá ń di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ní ìgbà púpọ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ náà bá bàjẹ́ nínú ìgò kó tó dé lábù, iye náà lè ga lórí ìwé ju bó ṣe wà nínú ara lọ. Nítorí náà, dókítà lè ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà. Ẹ má ṣe kọ̀ ọ́, ẹ má sì ṣe fi ṣe àwáwí láti gbójú fo iye tó ga.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì tí kì í ṣe oúnjẹ jáde: oògùn tí dókítà kọ, èyí tí ẹ rà fúnra yín, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ìgò àgbo, iyọ̀ tí ẹ ń fi sí ọbẹ̀, àti oògùn tí ẹ ń mu nígbà tí àyà bá ń ta yín tàbí tí ìgbẹ́ bá le. Àwọn ènìyàn kì í sábà ka àwọn ti ẹ̀yìn wọ̀nyí sí oògùn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu máa ń fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 58 ni, Abẹ́òkúta ló ń gbé, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. eGFR rẹ̀ jẹ́ 24, K rẹ̀ jẹ́ 5.7, PCV rẹ̀ jẹ́ 26, fẹ́rítíìnì rẹ̀ sì jẹ́ 640. Lisinópírìlì ni dókítà kọ fún un fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí a rí lórí tábìlì rẹ̀ ni iyọ̀ kan tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ife omi ewé ugwú tí ó ń mu láràárọ̀, oògùn àyà títa funfun olómi, hóró fítámì C tó máa ń hó bí a bá jù ú sínú omi, epo ẹ̀dọ̀ ẹja, oògùn ẹ̀jẹ̀, àti ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kan. A ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: pọtásíọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Nínú gbogbo èròjà tí kíndìnrín tó rẹ̀ kì í lè kó jáde, pọtásíọ̀mù ló lè tètè pa ènìyàn, nítorí ọkàn ló ń bá jà. Iyọ̀ tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù yẹn ni kí a kọ́kọ́ gbé. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dín sódíọ̀mù kù, ohun tí wọ́n sì fi ń rọ́pò rẹ̀ ni pọtásíọ̀mù kílóráìdì, tí a máa ń rí lórí páálí bíi KCl tàbí nọ́ńbà E508. Bí iyọ̀ náà bá jẹ́ kìkì KCl, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì kékeré lè ní pọtásíọ̀mù tó lé ní 600 mílígíráàmù, èyí tó ju ti odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ le lè jàǹfààní irú iyọ̀ yìí fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún ìyá wa yìí, tí K rẹ̀ ti jẹ́ 5.7, kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò mọ́. Ohun tó tọ́ ni kó dín iyọ̀ lásán kù, kí ó sì máa fi ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti irú tí wọn kò fi iyọ̀ pamọ́ fún adùn ọbẹ̀. Kí ó ṣọ́ra fún máàgì pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ó sì ka ara èyí tí wọ́n bá ní iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí òun náà lè jẹ́ KCl.

Omi ewé ugwú ló tẹ̀ lé e. Ewé ugwú nínú ọbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú omi ewé ugwú. Nínú ọbẹ̀, ìwọ̀nba ewé ló ń wọ àwo ẹnì kan. Ní ti omi rẹ̀, odindi ìdì ewé kan ni wọ́n ń fún sínú ife kan, pọtásíọ̀mù inú gbogbo ewé náà sì bá omi lọ sínú ife. Irin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń fún un kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara láti inú ewé. Bí a bá wá fi mílíìkì sí i, fọ́sífétì tún ti kún un. Bí ìyá náà bá fẹ́ jẹ ugwú, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ó da omi náà nù pátápátá, kí ó tó fi ewé náà se ọbẹ̀. Omi tó dà nù yẹn gbé púpọ̀ nínú pọtásíọ̀mù lọ. Ìkìlọ̀ kan náà ló wà fún omi àgbọn, omi nóní inú ìgò, àti àwọn ìyẹ̀fun ewé tí wọ́n ń pò mọ́ omi lọ́pọ̀ ṣíbí lóòjọ́. Fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Brasil, èso karambólà ní tirẹ̀ ní májèlé kan tí kíndìnrín tó rẹ̀ kì í lè kó jáde, tó ń ba ọpọlọ jẹ́: òsúkè tí kì í dá, iyè tó ń ra, àti gìrì. Kí wọ́n má tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọtásíọ̀mù le fún ìyá yìí ni lisinópírìlì. Oògùn náà dára fún kíndìnrín, ṣùgbọ́n òun, losátáànì àti sípírónoláktóònù máa ń jẹ́ kí pọtásíọ̀mù dúró sínú ara. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé kí wọ́n dá oògùn dókítà dúró, kí wọ́n lè máa mu omi ugwú lọ. Yíyàn tó burú ni. Ohun tí kò wúlò ni kí a kọ́kọ́ yọ, kí a tún K wò, kí dókítà sì pinnu nípa oògùn tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oògùn àyà títa àti oògùn ìgbẹ́ líle

Oògùn àyà títa funfun olómi tí a ń mì pọ̀ ká tó mu, tí gbogbo ilé ní Nàìjíríà mọ̀ sí MMT, magnẹ́síọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, sódíọ̀mù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mílíìkì ọf magnésíà tí wọ́n fi ń yàgbẹ́ àti iyọ̀ olóyìnbó tí wọ́n fi ń fọ inú náà jẹ́ ti magnẹ́síọ̀mù. Bí magnẹ́síọ̀mù bá kó jọ, iṣan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, oorun yóò máa kun ènìyàn ní ọ̀sán gangan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò wálẹ̀, mímí yóò sì falẹ̀. Àwọn ará ilé lè rò pé àárẹ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, kí wọ́n tún wá oògùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn fún un.

Àwọn oògùn àyà mìíràn ní alumíníọ̀mù, tó ń wọ egungun àti ọpọlọ bí a bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́. Fítámì C tó ń hó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀nà kan tí kò yẹ kí a gbójú fò. Àwọn hóró tó ń hó yìí máa ń ní ásíìdì sítíríìkì, ásíìdì náà sì máa ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tó mu oògùn àyà ní òwúrọ̀, tó sì fi fítámì C tó ń hó tẹ̀ lé e, ti ṣílẹ̀kùn fún ohun tí ì bá gba inú ìfun kọjá lọ.

Bí àyà bá ń ta ìyá yìí, kí ó sọ fún dókítà, kí wọ́n yan oògùn tó bá ìpele rẹ̀ mu. Bí ìgbẹ́ bá le, lákítúlóòsì jẹ́ èyí tí àwọn dókítà kíndìnrín máa ń lò láìfòyà. Oògùn ìfọnú àti oògùn tí wọ́n ń fà sí ìdí tó jẹ́ ti fọ́sífétì, kí ó yàgò fún un pátápátá, nítorí ó lè ba kíndìnrín tó kù jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fítámì

Fítámì C tó bá ju ohun tí ara nílò máa ń di ọ́sáléètì, kíndìnrín ló sì yẹ kó kó o jáde. Bí kò bá lè kó o, ó lè dì sínú kíndìnrín fúnra rẹ̀. Hóró tó ń hó sábà máa ń jẹ́ 1,000 mílígíráàmù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n tí àwọn dókítà kíndìnrín máa ń gbà láàyè kì í ju 60 sí 100 mílígíráàmù lọ lóòjọ́. Ẹyọ hóró funfun kékeré kan ti tó ìyẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ bíi súùtì.

Epo ẹ̀dọ̀ ẹja, fítámì A ló pọ̀ nínú rẹ̀, fítámì A sì máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín láìsí pé ó lo oògùn kankan. Awọ ara gbígbẹ, orí fífọ́ àti egungun ríro lè tẹ̀ lé e. Nítorí fítámì A yìí kan náà, àpapọ̀ fítámì tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn kò yẹ ẹni tó wà ní ìpele kẹrin. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò: bí ẹ bá rí fítámì A, pọtásíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Fítámì B ni èyí tí àwọn ènìyàn gbà pé kò lè ṣe ènìyàn níbi, pé ènìyàn yóò kàn tọ̀ ọ́ ni. Ní ọdún 2010, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Kánádà, níbi tí wọ́n ti fún àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ ní fítámì B tó pọ̀: fólíìkì, B6 àti B12. Kíndìnrín àwọn tó lo fítámì náà yára rẹ̀ sílẹ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ wà fún ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́rọ, nítorí ẹ̀rọ máa ń gbé fítámì B àti C lọ, dókítà sì sábà máa ń kọ ìwọ̀n kékeré láti fi dí i. Fítámì D náà, àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní alifakalisidọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí à ń rà láìsí ìwé dókítà, torí ó lè gbé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ga lójijì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀ nínú àìsàn kíndìnrín. Kíndìnrín ló ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹrítíropoyétíìnì, òun ló sì ń pàṣẹ fún ọ̀rá inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí àṣẹ kò bá lọ, bó ti wù kí irin pọ̀ tó nínú ara, ẹ̀jẹ̀ kò ní gòkè. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi mu oògùn ẹ̀jẹ̀ títí tí PCV rẹ̀ kò kúrò ní 26. Fẹ́rítíìnì rẹ̀ tó jẹ́ 640 ń sọ fún wa pé ó jọ pé irin kò wọ́n nínú ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn àkóràn tàbí ara wíwú náà lè gbé iye yẹn ga. Kí ó gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá abẹ́rẹ́ ẹrítíropoyétíìnì ló yẹ òun. Ìṣọ́ra yìí tún jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní ìgbà púpọ̀, nítorí irin ń bẹ nínú gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i.

Ẹlòmíràn wà tí fẹ́rítíìnì rẹ̀ jẹ́ 40. Irin ló nílò lóòótọ́, hóró irin lásán tí iye owó rẹ̀ kò pọ̀ sì dára fún un ju oògùn olómi aládùn lọ. Hóró férọ́ọ̀sì sọ́fétì 200 mílígíráàmù ní irin 65 mílígíráàmù nínú. Kí ó lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́, kí ó má fi tíì, mílíìkì tàbí kálísíọ̀mù gbé e mì, kí ó sì fi bíi wákàtí méjì sáàárín rẹ̀ àti oògùn àyà. Ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dúdú, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá dúdú, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó sì ń rùn gidigidi, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde nínú ìfun.

Ìgbésẹ̀ keje: àgbo

Mi ò ní sọ pé gbogbo ewé ló burú, nítorí kì í ṣe òótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kò mọ ohun tó wà nínú ìgò náà, a kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Gbòǹgbò kan wà tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń pè ní akogun, tí wọ́n ń fi sí àgbo fún oríṣiríṣi àìsàn. Ìdílé ewéko Arisitolókíà ló ti wá, ìdílé yìí sì ni a mọ̀ mọ́ ásíìdì arisitolókíìkì, tó ń gbẹ kíndìnrín, tó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ ní ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ́mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó lé ní 100 ènìyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn ewé láti dín sísanra kù, nítorí wọ́n ti fi ewéko ìdílé yìí rọ́pò òmíràn nínú rẹ̀ láìmọ̀. Kíndìnrín àwọn kan ṣì ń bàjẹ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ oògùn náà dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbo bóyá akogun wà nínú tirẹ̀. Bí kò bá lè sọ gbogbo ohun tó fi ṣe é, ẹ má mu ún.

Kaun tí wọ́n máa ń fi sí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní sódíọ̀mù púpọ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú. Bí àgbo kan bá tún mú gbogbo ìrora lọ láàárín wákàtí kan, ẹ fura sí i. Àwọn àjọ tó ń bójú tó oògùn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti rí oògùn ìrora irú díkólófẹ́nàkì àti sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú ohun tí wọ́n pè ní kìkì ewé, díkólófẹ́nàkì sì wà lára oògùn tó ń tètè ba kíndìnrín tó ti rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò oògùn ìbílẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò fún aláìsàn kíndìnrín. Lára ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe.

Lẹ́yìn tí a ti ṣa tábìlì náà tán

Lórí tábìlì ìyá wa, lisinópírìlì àti àwọn oògùn tí dókítà kọ ló kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó padà lọ yẹ K wò. Bí ó bá ti wá sí 5.0 tàbí kó sún mọ́ ọn, a mọ̀ pé iyọ̀ àti omi ugwú ló ń fà á, lisinópírìlì rẹ̀ yóò sì lè dúró. Bí kò bá kúrò ní 5.7, dókítà yóò tún oògùn rẹ̀ tò, ó sì lè fún un ní èyí tó ń gbé pọtásíọ̀mù jáde láti inú ìfun. Nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún un, kí ó ya fọ́tò ẹ̀yìn ìgò náà, kí ó fi han apòògùn tàbí dókítà pẹ̀lú èsì lábù tuntun kó tó ṣí i.

Pọtásíọ̀mù tó ga lè má fi àmì kankan hàn títí yóò fi kan ọkàn. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ, bí àyà bá ń lù ségesège, tàbí bí òòyì bá kọ́ aláìsàn kíndìnrín débi tó fi ṣubú, kò sí ohun tí ẹ lè fún un mu nílé tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, lóru tàbí ní ọ̀sán, ẹ sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé àìsàn kíndìnrín ló ní, kí ẹ sì kó gbogbo ìgò tó ti mu nínú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.